Ìyá Ológì àti Ìje Kìlómítà 42

Ìyá ológì kan wà ní Ìkàrẹ́ tí kò sá eré ìje kankan rí láyé rẹ̀, àmọ́ mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó mọ ìje ọ̀nà jíjìn ju ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sá a lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni eléré ìje. Láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó là, ọmọkùnrin náà á ti bọ́ sọ́nà láti Ìkàrẹ́, á gba Àkùngbá, á wá kojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ọ̀kà tí ọkọ̀ akẹ́rù gan-an ń fi ìkérora gùn. Márátọ́ọ̀nù Èkó ló ń múra sílẹ̀ fún, ìje kìlómítà 42 tí wọ́n kọ́kọ́ sá ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016, tó gbéra láti pápá ìṣeré Sùúrùlérè, tó sì parí sí Èkó Àtìláńtíìkì. Ọmọ ló ń sá a, ìyá ló ń bọ́ ọ. Iṣẹ́ bíbọ́ yìí ni mo fẹ́ sọ, torí ẹni tó bá fojú sílẹ̀ wò ó á rí i pé ọgbọ́n tó wà nínú ohun tí ìyá náà ń yọ kúrò nínú oúnjẹ, àti ìgbà tó ń yọ ọ́, pọ̀ ju èyí tó wà nínú ohun tó ń fi sí i lọ.

Bí a bá jẹ iyán, ẹ̀kọ tàbí ìrẹsì, ara á sọ ọ́ di ṣúgà, á ná díẹ̀ níbẹ̀, á sì tọ́jú ìyókù sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Ìfipamọ́ yìí kì í pọ̀. Lára ẹni tó ń jẹun dáadáa, bíi 500 gíráàmù ni. Lóòótọ́, ọ̀rá wà lára gbogbo wa, títí kan ẹni tó gbẹ, àmọ́ ọ̀rá kì í tètè jó, kò sì lè dá gbé ẹni tó ń sáré kíkankíkan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn bíi wákàtí méjì, ṣúgà tí ara fi pa mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sá kìlómítà 42 ló máa ń mọ̀ ọ́n lára tí wọ́n bá ti kọjá kìlómítà 30. Ẹsẹ̀ á wúwo lójijì. Òtútù lè máa mú ènìyàn nínú oòrùn. Inú á máa bí i sí ẹni tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Bí o bá bi í pé kìlómítà mélòó ló kù, kò ní lè yọ 31 kúrò nínú 42.

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1924, àwọn dókítà kan ní Bọ́sítìnì, ní Amẹ́ríkà, gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí márátọ́ọ̀nù ìlú náà. Àwọn tó rẹ̀ tẹnutẹnu, tí ojú wọn ti ṣú, ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ jù. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n ní kí àwọn kan lára wọn jẹ oúnjẹ afáralókun dáadáa ṣáájú ìje, kí wọ́n sì máa jẹ súìtì lójú ọ̀nà. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn kò já wálẹ̀, ara wọn sì yá ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ìyá ológì kò gbọ́ ìtàn Bọ́sítìnì rí, ṣùgbọ́n orí ìlànà kan náà ló ń dáná: kí àká kún kí ọmọ tó gbéra, kí a máa bu kún un lójú ọ̀nà, kí a sì tún un kó kíákíá tó bá dé.

Ìje Èkó bọ́ sí Sátidé, nítorí náà Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì ni ọjọ́ tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí àká. Ọmọ náà wọn kílò 60. Ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa oúnjẹ eléré ìje máa ń sọ ni pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ tó gíráàmù 10 oúnjẹ afáralókun fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ìyẹn 600 gíráàmù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwa ará Àkókó, iyán la kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí. Nínú 100 gíráàmù iyán, bíi 27 péré ni afáralókun, omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Bí a bá ní kí iyán nìkan ṣe é, ọmọ náà á gbé ju kílò méjì iyán mì lójúmọ́, ikùn rẹ̀ á sì le bí ìlù.

Bí ìyá ṣe pín in ni ẹ wò. Láàárọ̀, ẹ̀kọ mímu tí ṣúgà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì funfun. Lọ́sàn-án, ìrẹsì àwo ńlá kan, ọbẹ̀ ata díẹ̀, ẹja kékeré kan. Láàárín ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́ta àti ìgò málítì kan. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, iyán bíi 700 gíráàmù, tí í ṣe oúnjẹ ẹni kan tó ń jẹun gidi. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó wọ 600 láìsí pé ọmọ náà fi ikùn wọ́lẹ̀. Ara rẹ̀ á fi bíi kílò kan tàbí kílò kan ààbọ̀ wúwo sí i kó tó di òwúrọ̀ Sátidé, torí pé gíráàmù kan ṣúgà tí iṣan bá tọ́jú máa ń mú bíi mẹ́ta omi dání. Ìwúwo yẹn kì í ṣe ọ̀rá. Omi tí yóò wúlò fún un lójú ọ̀nà ni.

Ibi ọbẹ̀ iyán alẹ́ Ẹtì ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé obìnrin yìí kò kẹ̀rẹ̀. Ìkòkò ẹ̀gúsí wà lórí ààrò fún àwọn ará ilé, ó kún fún ẹ̀fọ́, epo sì ń yọ lójú rẹ̀. Ó gbé àwo ọmọ náà lọ sídìí ìkòkò kejì, ọbẹ̀ ata ṣíṣàn pẹ̀lú ẹja méjì.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu ẹ̀gúsí yẹn díẹ̀ sí i."

"Ẹ̀gúsí ò sá lọ. Lọ sáré rẹ, kí o padà wá bá a."

Kì í ṣe ahun. Epo máa ń mú kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà sì ní ṣákítí tí kì í dà, tó máa ń di ẹrù àti afẹ́fẹ́ nínú ìfun. Lọ́jọ́ mìíràn, oúnjẹ tó dára jù lọ nìwọ̀nyí. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìje ku ọ̀la, àwọn ló ń mú ọ̀pọ̀ eléré ìje yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti wá ibi tí wọn yóò yàgbẹ́ sí. Ẹni tó mọ oúnjẹ í sè dáadáa ló lè sè é kó má fi bẹ́ẹ̀ dùn nítorí pé ó nídìí.

Oúnjẹ òwúrọ̀ ìje gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti yọ jù. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí ògì rẹ̀. Àgbàdo funfun ló ń rẹ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kó tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìlọ̀, ó na aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ẹnu bàsíà, ó so ó mọ́ ọn yíká, ó bu ògì lé e, ó sì ń da omi lé e díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí i láti òde wá sí àárín. Omi funfun ń kán sísàlẹ̀, eèrí ń ṣẹ́kù lókè. Àwọn ológì mìíràn á fún eèrí náà mọ́ra pẹ̀lú agbára kí ògì lè pọ̀, ìyẹn á sì ti díẹ̀ nínú ṣákítí gba inú aṣọ kọjá. Tirẹ̀, kò fún un. Ó gbọ̀n ọ́n dànù fún ewúrẹ́, ó fọ aṣọ, ó sì tún gbogbo ògì náà sẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá fi ìka méjì bọ̀ ọ́ tó sì fi wọ́n ra ara wọn, kò gbọdọ̀ gbọ́ ìró kankan níbẹ̀. Èyí tó bá ti pa ohùn, ìyẹn ni ti eléré ìje.

Ọ̀nà yìí ló ń sọ àgbàdo tó le di oúnjẹ tí ikùn kò ní bá jà. Ìyọkúrò eèrí kó ṣákítí lọ, kíkan fún ọjọ́ mẹ́ta sì ti bá ikùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lóòótọ́, ohun tó ṣara lóore bá eèrí lọ, ẹni tó bá ń fi irú ògì yìí nìkan tọ́ ọmọ kékeré sì ń ṣe é ní jàǹbá. Àmọ́ fún òwúrọ̀ kan ṣoṣo yìí, ìyàn tó tọ́ ni.

Ní agogo 6 ààbọ̀ ni ọmọ náà ń retí kí wọ́n yìnbọn. Agogo 3 ààbọ̀ òru ni ìyá ológì fi ẹ̀kọ ka iná ní ilé ìbátan tí wọ́n dé sí ní Èkó, wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Abọ́ kan tó gba ìdajì lítà ló bu fún un, pẹ̀lú ṣíbí tíì ṣúgà márùn-ún, búrẹ́dì funfun ègé méjì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Kò fi mílíìkì sí i, torí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láàárín wa ni ikùn wọn kì í gba wàrà, òwúrọ̀ ìje kì í sì í ṣe ọjọ́ tí a ń dán an wò. Gbogbo rẹ̀ fún ọmọ náà ní bíi 120 gíráàmù afáralókun, gíráàmù méjì fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ná lóru ni oúnjẹ yìí ń dá padà. Wákàtí mẹ́ta yẹn sì ni ikùn fi ń tú u ká kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní agogo 6, á máa sá pẹ̀lú omi ẹ̀kọ tó ń jó nínú ikùn rẹ̀.

Tó bá wá di ojú ọ̀nà, ìyá kò lè sáré tẹ̀ lé e, àmọ́ ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Omi tó ń po nìyí: lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tẹ́jú, ìdámẹ́rin ṣíbí tíì iyọ̀, àti ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ fún adùn. Gíráàmù 60 ṣúgà ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìyá ní Nàìjíríà ló mọ omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru: nínú omi 60 sẹ̀ǹtílítà, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́wàá, ṣíbí tíì iyọ̀ kan, gbogbo rẹ̀ tẹ́jú. Ìyá ológì mọ ìyẹn náà lórí, àmọ́ ó mọ̀ pé àìsàn àti eré ìje kì í ṣe nǹkan kan náà. Ọmọ tó ń yàgbẹ́ ń pàdánù iyọ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí iyọ̀ fi pọ̀ nínú tirẹ̀. Òógùn eléré ìje ní iyọ̀ tó kéré sí i, okun ló ń wá. Nítorí náà ó dín iyọ̀ gan-an, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dín ṣúgà. Tó bá fi ṣúgà kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi náà á ki, ikùn á sì máa fa omi láti ara wá là á kó tó lè gbà á wọlé. Inú rírun ló ń tìdí ẹ̀ yọ.

Ike kan tó gba ìdajì lítà ni ọmọ ń mu láàárín wákàtí kan, ní ẹnu kékeré kékeré, ìyẹn 30 gíráàmù. Ìyókù wà nínú oyin. Ẹ rí bí ó ṣe ń dì í: ó bu ṣíbí ìjẹun kan oyin sínú náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́, ó fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó ta á ní kókó kan tó le, ó sì fi irun rẹ̀ tó gùn sílẹ̀ kí eyín lè rí nǹkan dì mú. Méjì ni ọmọ ń jẹ láàárín wákàtí kan, tó sì ń fi omi inú ọ̀rá tí àwọn olùṣètò ń pín tẹ̀ lé e. Àpapọ̀ rẹ̀ á lé díẹ̀ ní 60 gíráàmù láàárín wákàtí kan.

Ìdí tó fi yan oyin àti ṣúgà tó wọ́pọ̀, dípò gúlúkóòsì oníyẹ̀fun tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà, ni pé ọ̀nà tí gúlúkóòsì ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ìfun kò gba ju bíi 60 gíráàmù lọ láàárín wákàtí kan. Bí o bá dà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ló ń dúró nínú ìfun. Ṣúgà inú èso ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Méjèèjì ló wà nínú ṣúgà ìdáná àti nínú oyin, nítorí náà ilẹ̀kùn méjì ló ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ti fi ikùn wọn kọ́ ọ fún oṣù púpọ̀ lè gba tó 90. Ọmọ yìí kò tíì dé ibẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé lórí òkè Ọ̀kà ni ó ti ń fi náílọ́ọ̀nù oyin kọ́ ikùn, níbi tó jẹ́ pé bí inú bá run ún, ilé kò jìnnà.

Àwọn ọ̀gá pàápàá kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìgò omi. Ní Bálíìnì, lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Eliud Kipchoge ará Kẹ́ńyà sá márátọ́ọ̀nù ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 39, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì sá rí nígbà náà. Ọkùnrin ará Jámánì kan, Claus-Henning Schulke, tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láìgba owó, ni ó ń gbé ìgò rẹ̀ fún un. Á gun kẹ̀kẹ́ ṣíwájú, á sọ̀ kalẹ̀, á na ìgò sí ọwọ́ Kipchoge láìjẹ́ kó dín eré kù, á hó fún ayọ̀, á sì tún fò lé kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi tó kàn. Ẹni tó bá wo fídíò rẹ̀ á rí i pé iṣẹ́ ni bí wọ́n ṣe ń di ìgò mú pàápàá. Ìyá ológì kò ní kẹ̀kẹ́ ní Èkó. Ohun tó ṣe ni pé ó fi okùn rọ́bà so náílọ́ọ̀nù oyin mẹ́fà mọ́ bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ kan nídìí ọmọ náà, ó sì fi ike méjì rán ìbátan méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Omi náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọmọ náà ń wọn ara rẹ̀ ní ìhòòhò ṣáájú àti lẹ́yìn eré wákàtí kan. Ní Ọ̀kà, ó wọn kílò 60 kó tó lọ, 59.4 nígbà tó dé, ó sì ti mu 30 sẹ̀ǹtílítà omi lójú ọ̀nà. Òógùn rẹ̀ jẹ́ bíi 90 sẹ̀ǹtílítà fún wákàtí kan, ní òwúrọ̀ tútù wa yìí. Ooru Èkó á fi kún un. Kò gbọdọ̀ mu gbogbo rẹ̀ padà. Kí ó má ṣáà pàdánù ju bíi kílò kan ààbọ̀ lọ títí ìje á fi parí. Ẹni tí ó wúwo sí i lẹ́yìn ìje ju bó ṣe gbéra lọ ti mu omi jù, ìyẹn sì lè pa ènìyàn, torí omi á la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Bí ìka ọwọ́ bá wú, tí orí ń fọ́, tí ó ń bì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́, kì í ṣe omi ló ń fẹ́. Dókítà ni kí wọ́n gbé e lọ bá.

Lẹ́yìn ìlà ìparí ni ohun gbogbo yí padà. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́, iṣan ń gba ṣúgà kíákíá ju ìgbà mìíràn lọ, ó sì ń wá ohun tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ohun tí ìyá gbé dání wá sí Èkó Àtìláńtíìkì ni málítì kan, mọ́ínmọ́ín ńlá kan tí a dì sínú ewé, àti ẹyin sísè méjì. Afáralókun ibẹ̀ súnmọ́ 60 gíráàmù, gíráàmù kan fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ń tún iṣan ṣe lé ní 20. Ẹ̀wà tí a lé kúrò lórí àwo lálẹ́ Ẹtì ti padà wọlé. Nígbà tó sì di alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gúsí tí kò sá lọ yẹn, pẹ̀lú ẹ̀fọ́, epo, ẹja àti iyán, wà níwájú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ka òkèlè rẹ̀.

Gbogbo ètò yìí, fún ẹni tó ń sá ju bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ ni. Ẹni tó ń sáré ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ara lè yá kò nílò oyin ní náílọ́ọ̀nù, omi tó mọ́ tó fún un. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ìyókù yín tí ẹ ń múra fún ọ̀nà jíjìn, ẹ má ṣe jẹ ohun tí ẹ kò tíì jẹ nígbà ìdánrawò lọ́jọ́ ìje, bó ti wù kó dùn tó lójú, bó ti wù kí ẹni tó ń pín in lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì rẹ́rìn-ín sí yín tó.